Dátà Hótísípọ́ọ̀tù: Ta Ló Jẹ Ẹ́?

Bí o bá tan hótísípọ́ọ̀tù lórí fóònù, tí kọ̀ǹpútà alágbèéká sì so mọ́ ọn, ojú Wáífáì lásán ni kọ̀ǹpútà náà fi ń wò ó. Kò mọ̀ pé dátà tí o fowó rà ló ń lò. Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe tuntun rẹ̀ wọlé, OneDrive á máa kó fọ́tò rẹ lọ, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo lo fẹ́ fi ránṣẹ́.

Nítorí náà, kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀. Lórí Windows 11, wọ Settings, lẹ́yìn náà Network & internet, kí o tẹ Wi-Fi, kí o ṣí ojú ewé hótísípọ́ọ̀tù rẹ, kí o sì tan Metered connection. Windows á dá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àtúnṣe náà dúró, OneDrive náà á sì sinmi. Àmọ́ kò ní dín fídíò tí ìwọ fúnra rẹ ṣí kù. Ìwọ ni wàá mú àwòrán rẹ̀ wálẹ̀ sí 480p. Orúkọ hótísípọ́ọ̀tù sì ni ètò yìí rọ̀ mọ́. Ọjọ́ tí o bá yí orúkọ náà padà, tún Metered connection tan.

Ó wá ku ìṣirò. Ibi mẹ́ta ni kí o wò kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti lẹ́yìn tí o bá parí: *323# tó ń sọ dátà tó kù fún wa ní Nàìjíríà, iye tí fóònù kọ síwájú hótísípọ́ọ̀tù ní Data usage, àti Data usage ti kọ̀ǹpútà.

Ká ní 1,100MB ló dín nínú dátà rẹ, tí fóònù ní 800MB gba hótísípọ́ọ̀tù kọjá, tí kọ̀ǹpútà sì ní 300MB péré lòun lò. 300MB tó yọ lórí 800MB, àwọn áàpù inú fóònù ló jẹ ẹ́. 500MB tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ nípa rẹ̀ ló yẹ kó kọ ọ́ lóminú: ẹ̀rọ mìíràn ti so mọ́ hótísípọ́ọ̀tù rẹ. Wo iye ẹ̀rọ tó wà lórí hótísípọ́ọ̀tù, kí o sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà náà sọ 800MB ni, inú rẹ̀ ni olùjẹun wà. Data usage rẹ̀ á to àwọn áàpù náà lẹ́sẹẹsẹ fún ọ. Ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ kò burú, torí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní ìṣirò tirẹ̀.

Fóònù ni kí o fi ààlà sí, nítorí ìkìlọ̀ ni Windows ń ṣe, ṣùgbọ́n Android máa ń pa dátà fúnra rẹ̀ bó bá kan Data limit. Bí o bá ra 10GB, fi í sí 9GB, kí o sì mú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ bá ọjọ́ tí o ra dátà mu.