Agolo kọfí náítírò tó sùn síta fíríìjì: ṣé ó ṣì ṣeé mu?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi gbogbo ètò òní dáhùn. Olùgbọ́ wa kan ní Sùúrùlérè ló fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti Houston dé, ó sì kó kọfí bọ̀ nínú báàgì: ìgò Frappuccino ti Starbucks méjì, àti agolo kọfí náítírò mẹ́rin tí iléeṣẹ́ kékeré kan ṣe. Ó kó gbogbo wọn sí fíríìjì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n mú iná lọ, iná ò sì dé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì ṣí ìkankan o. Ṣé mo ṣì lè mu wọ́n?"

Mo ní kó ya fọ́tò ara wọn fún mi. Nígbà tí mo wò wọ́n tán, mo ní kó mu ti ìgò, kó sọ ti agolo nù. Inú rẹ̀ ò dùn rárá. Ó ní ìgò ló ní mílíìkì nínú, agolo ò ní mílíìkì, kò ní ṣúgà. Ṣé kì í ṣe mílíìkì ló máa ń tètè bàjẹ́ ni? Ìbéèrè gidi ni. Òun la máa tú palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú wọn. Ìgò Frappuccino ńlá, èyí tó gba mílílítà 405, ní ṣúgà tó tó nǹkan bíi gíráàmù 45. Ṣíbí tíì kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin, nítorí náà bíi ṣíbí mọ́kànlá nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ́ kí ṣúgà òun kọjá nǹkan bíi gíráàmù 50 lóòjọ́, pé ó tiẹ̀ sàn tó bá wà lábẹ́ 25. Ìgò kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ti ọjọ́ kan tán. Kaféìnì rẹ̀ ni kò le púpọ̀, nǹkan bíi mílígíráàmù 110 sí 130.

Náítírò dúdú yí i po. Èyí tí Starbucks fúnra wọn ń tà nínú agolo kéré sí ìgò yẹn dáadáa, mílílítà 284 péré, kò sì ní ṣúgà rárá. Ṣùgbọ́n kaféìnì rẹ̀ lé ní mílígíráàmù 200. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ní 400 lóòjọ́ kì í sábà ṣe àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ní nǹkan kan. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ ju 200 lọ. Ìdí tó fi le tó bẹ́ẹ̀ ni pé kóòlù-bùrúù ni wọ́n fi ṣe é: kọfí lílọ̀ púpọ̀ tí wọ́n rẹ sínú omi tútù fún wákàtí 12 sí 24, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ. Èmi náà ti kó sí i rí. Mo mu agolo méjì lóru ọjọ́ kan tí mò ń gé ohùn ètò, torí pé kò korò lẹ́nu. Títí di aago márùn-ún ìdájí ni àyà mi ń lù kìkì.

Kí ló dé tí kò fi korò? Náítírójìn ni. Gáàsì yìí kì í fẹ́ yòrò nínú omi, nítorí náà bí ẹ bá ti ṣí agolo, ó máa sá jáde ní ìfófòó kéékèèké tó máa ń ṣe bíi ìpara lẹ́nu, bíi ti Guinness tí wọ́n ń fà láti inú àgbá. Ahọ́n á rò pé ó dùn. Nílé iṣẹ́, wọ́n máa ń kán náítírójìn tó tutù débi pé ó di omi sínú agolo, wọ́n á dé e pa lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣe ń di gáàsì ló ń lé ọ́síjìn jáde. Ọ́síjìn ló máa ń jẹ́ kí kọfí ṣá, nítorí náà ìyẹn dára fún adùn.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń fa àìsàn bọ́túlísíìmù, èyí tó lè rọ iṣan títí kan iṣan tí a fi ń mí. Ibi tí kò ti sí ọ́síjìn ló fẹ́ràn. Ohun tó ń dá a dúró ni òtútù àti ìkan. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní pH, nǹkan tó bá kan gan-an ni nọ́ńbà rẹ̀ máa ń kéré: ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní bíi 2. Ohun tó bá wà ní 4.6 sísàlẹ̀, kòkòrò yìí ò lè dàgbà nínú rẹ̀. Kọfí wà ní nǹkan bíi 5. Ó kọjá ààlà díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì tó.

Ẹyin kòkòrò yìí kì í kú bí omi bá hó lásán. Nǹkan bíi 121 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì ló ń pa á, ìyẹn ni pé kí wọ́n gbé ìgò tí wọ́n ti dé sínú ìkòkò ńlá tó ń há ooru mọ́, bíi pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìgò Frappuccino nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi lè dúró lórí pẹpẹ fún oṣù púpọ̀ pẹ̀lú mílíìkì inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí i. Bí àwọn ará Japan ṣe ń mu kọfí onímílíìkì inú agolo láti 1969, nígbà tí UCC gbé tiwọn jáde, nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ooru yẹn máa ń jẹ́ kí kọfí ní adùn ohun tí a sè jù. Àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké kò fẹ́ ìyẹn, wọ́n á fi tiwọn sílẹ̀ láìsè, wọ́n á ní kí fíríìjì máa ṣọ́ ọ.

Ní oṣù kẹsàn-án 2017, iléeṣẹ́ Death Wish Coffee ní ìpínlẹ̀ New York kó gbogbo agolo náítírò wọn kúrò lọ́jà. Ìwádìí ti fi hàn pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lè fi àyè sílẹ̀ fún bọ́túlísíìmù. Wọn ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàìsàn, wọ́n sì dá iṣẹ́ náà dúró títí wọ́n á fi tún ìlànà rẹ̀ ṣe.

Ní ti olùgbọ́ wa, fọ́tò agolo rẹ̀ ní àkọlé wínńwín nísàlẹ̀ tó ní inú fíríìjì ni kó máa wà nígbà gbogbo. Ti ìgò ní fíríìjì lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i. Gbólóhùn méjèèjì yìí ni kí ẹ máa wá. Ẹ má fi orúkọ náítírò lásán ṣèdájọ́ o, àwọn kan wà tí wọ́n ti sè dáadáa. Ẹ má sì fi fíríìjì ṣọ́ọ̀bù ṣèdájọ́, torí àwọn ọlọ́jà ń kó èyí tí kò nílò rẹ̀ síbẹ̀ kó lè tutù. Bẹ́ẹ̀ ni ìfófòó tàbí ìró pṣì kò sọ nǹkan kan fún yín: agolo náítírò ti kún fún gáàsì látilẹ̀wá. Májèlé náà ò ní òórùn, kò sì ní adùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kóòlù-bùrúù tà lórí Instagram, èyí kàn yín náà. Ẹ fi fíríìjì ṣọ́ ọ láti ìgbà tí ẹ bá ti sẹ́ ẹ, kó má kọjá nǹkan bíi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má sì fẹ́ gáàsì sí i kí ẹ dé e pa.

Ó tún béèrè pé bí òun bá kúkú sè é ńkọ́? Sísè dáadáa máa ń ba májèlé náà jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ò ní fi ẹ̀mí mi dán kọfí wò. Ó wé agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú náílọ́ọ̀nù láìṣí wọn, ó kó wọn sí dọ́sìbìnnì. Ìgò méjèèjì ló mu lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sì ní ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù.