TSH Tó Dára Lójú, Tí Ara Ò Sì Yá

Ká ní obìnrin ẹni ọdún 34 kan lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ látọdún tó kọjá, òtútù ń mú un nígbà tí ooru ń mú àwọn ẹlòmíì, awọ ara rẹ̀ sì ti gbẹ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti yẹ táírọ́ìdì wò, ìyẹn ẹ̀yà ara iwájú ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀. Èsì dé: TSH 2.1. Ohun tí lábù kọ pé ó yẹ kó jẹ́ ni 0.4 sí 4.0. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kó máa lọ sinmi.

Ṣùgbọ́n TSH kì í ti inú táírọ́ìdì wá. Pitúítárì, ẹ̀yà kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ, ló ń rán an sí táírọ́ìdì pé kó ṣe họ́mónù T4. Ó dà bí ìyá tó ń pe ọmọ: bọ́mọ ò bá dáhùn, ìyá á gbóhùn sókè. Bó bá jẹ́ táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, T4 á lọ sílẹ̀, TSH á sì fò sókè, ó lè tó 45. Bí T4 bá pọ̀ jù ńkọ́? Ìyá á dákẹ́, TSH á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Àìsàn tó ṣì fara pamọ́ tún wà. TSH lè jẹ́ 6.8, kí T4 má yẹ̀ níbi tó yẹ kó wà. Wọn kì í sáré kọ oògùn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, torí ó máa ń padà sípò fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Bó bá kọjá 10 tí kò sì wálẹ̀, ọ̀rọ̀ oògùn á wá wọlé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin wa. Dókítà mìíràn ní kí wọ́n yẹ FT4 rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ó jẹ́ 6, bẹ́ẹ̀ 10 sí 22 ni lábù náà ń fẹ́. Pẹ̀lú T4 tó kéré tó yẹn, ó yẹ kí TSH ti ga gan-an. 2.1 yẹn, tó dára lójú, ló tú àṣírí: pitúítárì gan-an ni kò lágbára mọ́. Àìsàn líle mìíràn lè mú kí èsì rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà dókítà ní láti bi í léèrè dáadáa. Obìnrin náà ní ẹ̀jẹ̀ dà lára òun gan-an nígbà tóun bímọ kẹ́yìn, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sóun lára. Ọmú rẹ̀ kò sun wàrà, nǹkan oṣù rẹ̀ kò sì padà mọ́.

Harold Sheehan kọ̀wé lórí irú àìsàn yìí ní 1937. Pitúítárì máa ń tóbi nínú oyún, nítorí náà bí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ bá já wálẹ̀ lójijì, apá kan rẹ̀ lè kú.

Oògùn táírọ́ìdì nìkan lè dá a wó. Pitúítárì yìí náà ló ń darí kọ́tísọ́ọ̀lù, họ́mónù tí ara fi ń dúró nígbà ìnira, oògùn náà sì máa ń mú kó tètè tán lára. Kọ́tísọ́ọ̀lù òwúrọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá kéré, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ dí. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn táírọ́ìdì, FT4 ni wọ́n á máa fi mọ̀ bóyá ìwọ̀n rẹ̀ tó, kì í ṣe TSH.