Ibi Tí Rúlà Ti Kan Ọrun

Ya ìlà méjì sórí bébà. Èyí tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ ni a ó fi ka bí èrè ṣe ń mì. Èyí tó nàró lápá òsì ni a ó fi ka èrè tí à ń retí lọ́dún lórí ₦100. Ká ní àpò ṣíà méjì wà níwájú wa, tí ìṣesí ọ̀kan kò kan èkejì. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá: èrè ₦16, ìmì ₦20. Ìyẹn ni pé nínú ọdún mẹ́ta, bíi méjì ni èrè kì í fi lé tàbí dín sí ₦16 ju ₦20 lọ. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké: èrè ₦34, ìmì ₦40.

Po méjèèjì pọ̀ ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, kí o sì fi àmì sí ibi tí àdàlù kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Àwọn àmì náà á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ tó yọ ikùn sápá òsì. Láti ikùn náà lọ sókè ni ààlà tí Harry Markowitz kọ nípa rẹ̀ ní 1952: lórí rẹ̀, o kò lè rí èrè sí i láìgba ìmì sí i. Níbi ikùn gan-an, tí ìmì ti kéré jù, ó ṣì tó ₦18.

Ní 1958, James Tobin mú owó tí kì í mì wọ ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, tíréṣúrì bíìlì ìjọba àpapọ̀ ló sún mọ́ ọn jù, bí o bá dì í mú títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé. Ká ní èlé rẹ̀ jẹ́ ₦10. Fi ìdí rúlà ti 10 lórí ìlà tó nàró, kí o wá gbé orí rẹ̀ sókè títí tó fi kan ọrun náà fẹ́rẹ́, tí kò gé e. Ní tiwa, ibi ìdajì-ìdajì ló ti kàn án: èrè ₦25, ìmì bíi ₦22. Ibẹ̀ ni náírà ìmì kan ti ń mú èrè tó pọ̀ jù wá lórí èlé bíìlì, kọ́bọ̀ 67. Àpò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, tí àwọn ojo ń sá tọ̀, kọ́bọ̀ 30 péré ló ń mú wá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò ní í paarọ̀ àdàlù. Kó fi ìdajì owó rẹ̀ ra bíìlì, kó fi ìyókù ra ìdajì-ìdajì yẹn. Èrè rẹ̀ á jẹ́ ₦17.50, ìmì bíi ₦11. Ó ju ₦16 àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lọ, ìmì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì tiwọn.

Lójú ìwé, ẹni tó láyà lè yá owó ní ₦10 kó kọjá ibi tí rúlà ti kan ọrun. Báǹkì wo ni yóò yá a ní iye tí ìjọba ń yá? Bí wọ́n bá gbà á ní ₦20, èrè tí náírà ìmì kọ̀ọ̀kan ń fi kún un já sí kọ́bọ̀ 22. Kó kúkú gba orí ọrun lọ, kó fi kún ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Ìyẹn á sàn ju gbèsè lọ.

Èmi kì í sì í gbàgbé pé àfojúsùn lásán ni ₦34 yẹn. Bó bá jẹ́ ₦22 ló tọ́, ibi ìfarakàn náà ti yẹ̀: ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké á já láti ìdajì sí ìdá mẹ́ta, kò sì sí ohun tó yí padà ju iye kan tí a fojú bù.