Wọ́n Yà, Wọn Ò Rà

Àbúrò mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi lálẹ́ ọjọ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ẹgbẹ̀ta èèyàn ló tẹ ìpolówó mi, mẹ́ta péré ló rà. Ṣé kì í ṣe àfọwọ́fà nìyí?"

Ìpolówó méjì ló gbé sórí Fesibúùkù. Náírà 30,000 ló ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà 20,000 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn. Èèyàn 600 tẹ àkọ́kọ́, 120 tẹ èkejì. Ó ti pinnu pé òun máa pa èkejì rẹ́.

Mo ní kó dúró ná. Ká ní inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló jókòó sí, nínú gbogbo èrò tó ń kọjá, mélòó ló yà? Ohun tí wọ́n ń pè ní CTR nìyẹn. Nínú 20,000, àwọn 600 jẹ́ 3 nínú 100. Ti èkejì kò ju 0.6 lọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó yà, mélòó ló sanwó? Ìwọ̀n rírà nìyí, àwọn tó kàn kọjá kò sì sí nínú ìṣirò rẹ̀ mọ́. Mẹ́ta nínú 600 jẹ́ 0.5 nínú 100. Mẹ́fà ló rà nínú 120 ti èkejì, ìyẹn 5 nínú 100. Náírà 10,000 ló ná kó tó rí oníbàárà kan nínú àkọ́kọ́, 5,000 péré nínú èkejì. Èyí tó fẹ́ pa rẹ́ ló ń bá a tajà!

Ẹni tó fọwọ́ yí ìpolówó kọjá kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù. Kò mọ̀ bóyá ibi ìsanwó rọrùn tàbí kò rọrùn. Nítorí náà, tí CTR bá kéré, àwòrán, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tàbí irú èèyàn tí wọ́n ń fi í hàn ni ká tú wò. Tí wọ́n bá ń yà tí wọn ò rà, ọ̀rọ̀ ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Tàbí kí ó jẹ́ pé ohun tí ìpolówó ṣèlérí kọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀, èyí tí àwọn ọlọ́jà kì í fẹ́ gbọ́.

Ìyẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí ìpolówó àkọ́kọ́. Ó ya àwòrán odindi ìpele yáàdì márùn-ún, ó sì kọ náírà 3,500 sí i. Àfi téèyàn bá wọlé ló máa rí i pé yáàdì kan ni iye yẹn wà fún. Owó wéébíìlì náírà 4,000 tún lúgọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn téèyàn bá ti kọ àdírẹ́sì tán. Mo tún wo iye tí wọ́n pè ní "Landing page views": 410. Àwọn 190 tó kù tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé náà kò ṣí tán kí wọ́n tó kúrò. Àwòrán rẹ̀ wúwo jù fún dátà tí wọ́n ń lò. (Ẹ ṣọ́ra fún "CTR (all)" o. Ẹni tó tẹ láíìkì, tàbí tó kàn fẹ́ ka ọ̀rọ̀ tó kù, wà nínú rẹ̀. "CTR (link click-through rate)" ni ti àwọn tó tẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.)

Lóòótọ́, ẹni mẹ́ta àti ẹni mẹ́fà kéré láti fi búra. Oníbàárà méjì péré lè yí ìṣirò náà padà. Ohun tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ ni pé mo rí ibi tí wọ́n ti ń sá.

Èkejì kò fi nǹkan kan pamọ́: ìpele yáàdì márùn-ún, náírà 22,000, wéébíìlì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ti kọjá lọ láìtẹ̀ ẹ́, ìyẹn sì wà lára ohun tó fà á tí CTR rẹ̀ fi kéré. Àwòrán rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó: aṣọ tí wọ́n ká sórí tábìlì nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fi sílẹ̀ bó ṣe wà, àwòrán nìkan la pààrọ̀. Àbúrò mi ró aṣọ náà, ó dúró sínú oòrùn, wọ́n yà á. Nígbà tó tún hàn ní ìgbà 20,000, èèyàn 280 tẹ̀ ẹ́, 13 rà. CTR ti di 1.4, ìwọ̀n rírà kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, 4.6.

Nínú àwọn 13 yẹn, méjì dá aṣọ padà. Wọ́n ní aró tó dé ọwọ́ àwọn dúdú ju ti inú àwòrán lọ. Oòrùn yẹn náà ni. Ìṣirò méjèèjì ò sì ka ti àwọn yẹn mọ́ ohunkóhun.