Ìgò Tó Ń Làágùn Nínú Àwòrán

Ìyá kan ládùúgbò mi ń ta mínírà. Ó fẹ́ àwòrán ìgò tútù fún pátákó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ní kí ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àwòrán bá wọn yà á: ìgò dígí, mínírà tó mọ́ gaara bí omi nínú rẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn lápá òsì, ife pupa lápá ọ̀tún. Àwòrán náà ń dán, àmọ́ ojú mi kọ̀ ọ́.

Mo wo ikùn ìgò dáadáa. Ọsàn hàn lápá òsì, ife lápá ọ̀tún, bí wọ́n ṣe wà lẹ́yìn gan-an. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú afẹ́fẹ́ wọ omi, ó máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà tó ń bá bọ̀, ìdí nìyẹn tí ìgò roboto tí omi kún fi máa ń ṣe bí awò. Ohun tó bá fara mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tóbi sí i, ṣùgbọ́n ohun tó bá jìnnà díẹ̀ yóò pààrọ̀ apá. Bí ìbú ìgò bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sẹ́yìn rẹ̀ ni ìpààrọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya ọfà sórí bébà, kí ẹ rọra máa fà á sẹ́yìn ìgò omi: orí ọfà yóò yí padà lójú yín. Ní ọrùn ìgò, níbi tí mínírà kò dé, dígí fẹ́lẹ́ nìkan ló wà, nítorí náà kò sí ohun tó ń yí padà níbẹ̀.

Òógùn ìgò náà tún ní tirẹ̀. Nínú àwòrán yẹn, ẹ̀kán omi tó tóbi bákan náà bo ìgò láti ìdí dé ìdérí. Àwọn ayàwòrán máa ń fọ́n omi tí wọ́n lú mọ́ gílísẹ́rìn sára ìgò, ìyẹn sì lè wà níbi gbogbo. Ìrì gidi ń wá láti inú afẹ́fẹ́ tó kan dígí tútù. Mínírà ló ń mú kí dígí pẹ́ ní títutù, torí náà ibi tí mínírà dé ni ìrì ti ń pọ̀. Ọrùn tètè máa ń gbẹ. Ìrì yìí kọ́kọ́ ń ṣe bí kùrukùru funfun, lẹ́yìn náà àwọn ẹ̀kán á dara pọ̀, èyí tó bá wúwo á ṣàn wálẹ̀, á sì fi ipa tó mọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣírò ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Àwòrán tó ti rí rí ló ń fara wé. Bí a bá kàn ní kó ṣe ìgò tútù, gílísẹ́rìn ló máa yà. Ohun tó yẹ kí ojú rí la ní láti sọ. A fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọrùn ìgò nìkan, a ní kó gbẹ. A kun ikùn, a ní kí kùrukùru bò ó, kí pupa wà lápá òsì, kí àwọ̀ ewé wà lápá ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la tún un ṣe. Ní ìkẹrin, ẹ̀kán kan ti ṣàn gba àárín kùrukùru kọjá lápá òsì, ife pupa sì ń yọ lójú ipa rẹ̀.