Kẹ́ẹ̀gì Omi Lè Mú Ikùn Le Ju Sítọ́ọ̀pù Lọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ kí ikùn òun le, sítọ́ọ̀pù nìkan ló mọ̀: á dùbúlẹ̀, á dìde jókòó, á tún dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti àárọ̀ dalẹ́, ohun tí iṣan ikùn ń ṣe jù ni pé ó ń di ọ̀pá ẹ̀yìn mú kó má yẹ̀ nígbà tí a bá gbé ẹrù tàbí tí nǹkan fà wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Stuart McGill ti Yunifásítì Waterloo ní Kánádà wọn agbára tó ń fún eegun ẹ̀yìn pọ̀ nínú sítọ́ọ̀pù, ó sì rí i pé ó pọ̀ gan-an. Nínú ìdánwò ara tí àwọn ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022, kò sí sítọ́ọ̀pù mọ́. Gbígbé irin lọ́wọ́ méjèèjì sáré wà níbẹ̀.

Ẹni tí kò ní irin lè lo kẹ́ẹ̀gì omi lítà 10. Ó lé díẹ̀ ní kílò 10. Kí ẹ tó gbé e, ẹ fi ìka ti ẹ̀gbẹ́ ikùn yín, láàárín ìhà àti ìbàdí, kí ẹ wúkọ́ díẹ̀. Ẹ ó rí i pé ibẹ̀ le, ó sì ti ìka padà. Bó ṣe le yẹn ni kí ẹ dì í mú, kí ẹ sì máa mí. Ẹ má fa ikùn wọlé. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ ti mú un le jù.

Ẹ tẹ orúnkún, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan gbé kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ rin ìṣísẹ̀ 30 láìkánjú. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ òsì gbé e padà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ ọ̀tún ń fa ara sí ọ̀tún, iṣan ẹ̀gbẹ́ òsì ló ń kọ̀ fún un. Bí ẹ bá gbé méjì, ẹrù kan á gbe èkejì, iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ ikùn á sì dínkù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ara tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò sí ẹrù. Ẹni tó ń rìn kì í mọ̀, torí náà ẹ ní kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn yín wò ó. Bí èjìká kan bá ga ju èkejì, ẹ da omi díẹ̀ nù. Ìgbà tí èjìká bá dọ́gba títí ìṣísẹ̀ 30 fi pé ni kí ẹ tó lọ sí lítà 15.

Rọ́bà tó ń nà náà wúlò. Ẹ so ó mọ́ òpó ní ìwọ̀n àyà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kọ òpó, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti rọ́bà láti àyà lọ síwájú, kí ẹ ka 5. Rọ́bà fẹ́ yí yín sọ́dọ̀ òpó. Ẹ má yí. Bí ìbàdí bá yí, ẹ sún mọ́ òpó.

Èyí kò ní yọ ọ̀rá ikùn. Aboyún, ẹni tó ní ìpá tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Bí ìrora bá sì ti ìbàdí ṣàn lọ sí ẹsẹ̀, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.