Ẹyin Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Mọ́ínmọ́ín

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí alábòójútó jẹ́lé-ó-sinmi ọmọ mi kò ju ìlà kan lọ: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹyin kò bá ọmọ wa lára mu, ẹ má fún un jẹ.” Wọn kò sì fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín mọ́ínmọ́ín, olùtọ́jú rẹ̀ fi ṣíbí yọ ẹyin àárín rẹ̀ sọ nù, ó fi ìyókù bọ́ ọmọ. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ètè ọmọ fi wú, tó ń bì. Wọ́n rọ epo pupa sí i lẹ́nu, wọ́n wá ń pè mí lórí fóònù, èmi wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Orí ló kó o yọ.

N kò bá obìnrin náà jà. Ohun tí lẹ́tà mi wí ló ṣe.

Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa ka èròjà inú ẹyin, pàápàá ti funfun rẹ̀, sí ọ̀tá, a sì gbógun tì í. Ìwọ̀nba tó ti ràn mọ́ ẹ̀wà tó yí ẹyin ká tó láti dá ogun náà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹyin mọ̀ ọ́n sá pamọ́: òun ni wọ́n fi ń kun ojú mítípáì kó lè dán, ó wà nínú kéèkì àti máyónéèsì, àwọn kan ń pò ó mọ́ ṣinṣín. Lóòótọ́, iná ààrò a máa dín agbára ẹyin kù, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹyin bíbọ̀ ń dà láàmú fi lè jẹ kéèkì. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ dókítà la ti ń dán ìyẹn wò, kì í ṣe níbi ọjọ́ ìbí ọmọ ẹlòmíràn.

Dókítà ló bá mi tún lẹ́tà kejì kọ:

“Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọmọ wa pé ọdún méjì, ó wọn kílò 12. Ẹyin àti ohunkóhun tí wọ́n bá fi ẹyin sí kò bá a lára mu, bí wọ́n tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò. Oúnjẹ tí a dì fún un nìkan ni kó máa jẹ. Ẹni tó bá di ẹyin mú, kó fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ kó tó gbé e.

“Tó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ kàn sú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, tàbí ètè rẹ̀ wú díẹ̀, ẹ fún un ní sítírísìn inú àpò rẹ̀, ìwọ̀n tí dókítà kọ sára ìgò. Kí ẹnì kan jókòó tì í, kó máa wò ó. Ẹ pè wá.

“Tó bá ń wúkọ́ léraléra, tí mímí rẹ̀ ń dún, tí ohùn rẹ̀ há, tí ahọ́n rẹ̀ wú, tó rọ jọwọrọ, tàbí tí ara rẹ̀ sú tó tún ń bì, ẹ má tíì pè wá. Ẹ gún un ní abẹ́rẹ́ adirẹ́nálìn. A ti fọwọ́ sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin, ẹ ti abẹ́rẹ́ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìta itan rẹ̀ títí yóò fi dún. Ẹ má tíì yọ ọ́, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà, ẹ pe 112, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tí a kọ sísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn. Bí mímí bá nira fún un, ẹ gbé e jókòó. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí kò sàn, ẹ gún un ní èkejì. Bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ balẹ̀, ẹ ṣì gbé e lọ, torí ó lè tún padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ má fún un ní epo pupa, omi àgbọn tàbí mílíìkì.”

Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni “A ti fọwọ́ sí i.” Olùtọ́jú tó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè bá òun wíjọ́ yóò kọ́kọ́ wá òbí, ìṣẹ́jú yóò sì máa lọ. Epo pupa ní tirẹ̀ kò lè pa ogun inú ara. Ó sì lè ṣìnà bá ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tó ń bì. Sítírísìn náà ò lè rọ́pò adirẹ́nálìn. N kò sì kọ Piritón, nítorí ó ń kun ọmọ lóorun, ẹ kò ní mọ̀ bóyá oògùn ló mú un rọ̀ tàbí àìsàn.

Abẹ́rẹ́ tó dà bíi báírò yìí, tí mílígíráàmù 0.15 wà nínú rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lọ́dọ̀ wa. Òbí tí kò bá rí i rà, kó lọ béèrè ṣáájú pé ilé ìwòsàn wo nítòsí ló ní adirẹ́nálìn, kó sì kọ orúkọ ibẹ̀ sínú lẹ́tà. Ẹni tó bá ní in, kó má fi sínú fíríìjì, kó má fi sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, kó má sì tì í mọ́ dúróòwù. Tí omi inú rẹ̀ bá ti pọ́n bí omi tíì, kò dára mọ́.

Ohun kan tún kù. Inú ẹyin adìẹ ni wọ́n ti ń pèsè àjẹsára ibà pọ́njú. Bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn alábẹ́rẹ́ àjẹsára ń bọ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi ọmọ yín, ẹ bi dókítà léèrè kí ọjọ́ náà tó pé.